Bí páswọ́ọ̀dù Wáífáì ṣe dẹni tí ojú ń rí lórí Áńdírọ́ọ̀dù

Nígbà kan, bí o bá ti tẹ páswọ́ọ̀dù Wáífáì sínú fóònù Áńdírọ́ọ̀dù rẹ, ó di pé fóònù mọ̀ ọ́n, ìwọ ò sì lè rí i mọ́. Inú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní `wpa_supplicant.conf` ló máa ń wà, níbi tí ẹni tí kò bá rúùtù fóònù rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó gba àṣẹ lórí gbogbo inú rẹ̀, kò lè dé. Bí àlejò bá dé, tí ìwé tí o kọ ọ́ sí sì ti sọnù, ẹ̀yìn ráútà lẹ jọ máa lọ wò.

Ohun tó yí i padà kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníWáífáì. Ní ọdún 1994, Masahiro Hara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denso, ní Japan, ṣe kíúáà kóòdù fún títọpa ẹ̀yà ara mọ́tò nílé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ṣe ZXing, ètò tí fóònù fi ń ka irú kóòdù bẹ́ẹ̀, gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún kíkọ Wáífáì sínú rẹ̀:

```
WIFI:T:WPA;S:IleAdunni;P:iresi2020;;
```

`T` ni irú ààbò, `S` ni orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, `P` sì ni páswọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ìbòrí kankan níbẹ̀. Kóòdù yẹn ò fi nǹkan pamọ́, ojú èèyàn ni kò lè kà á.

Nígbà tí Áńdírọ́ọ̀dù 10 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó fi èyí sínú fóònù. O ó lọ sí ibi Wáífáì ní `Settings`, o ó tẹ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí àmì jíà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà `Share`. Fóònù á béèrè ìka tàbí nọ́ńbà tí o fi ń ṣí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó fẹ́ gbé jáde kò ní àṣírí mọ́. Lórí Pixel, páswọ́ọ̀dù á hàn ní kedere lábẹ́ kóòdù.

Àwọn fóònù mìíràn wà tó jẹ́ kóòdù nìkan ni wọ́n ń fi hàn. Tìwọ ni kí o ya àwòrán ojú fóònù, kí o ṣí i nínú Google Lens, tàbí kí o fi ohun tí ń ka kóòdù lórí fóònù kejì wò ó, kí o sì mú ohun tó wà lẹ́yìn `P:`. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Bí páswọ́ọ̀dù bá ní `;` nínú, ìlànà ZXing máa ń fi `\` síwájú rẹ̀. Tí o bá rí `ewa\;50`, `ewa;50` ni kí o tẹ̀.

Fóònù kò sì mọ̀ ju èyí tó tọ́jú lọ. Bí onílé bá ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lórí ráútà, ti àtijọ́ ni kóòdù á gbé jáde: fóònù àlejò á kà á, kò sì ní wọlé. Ní ti Wáífáì ọ́fíìsì tí oníkálukú ti ń fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, `Share` kì í tilẹ̀ yọjú.