Kọnkéré àti mọ́tà: èwo ni ti òpó, èwo ni ti búlọ́ọ̀kù?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Mò ń kọ́ ilé onílẹ̀ kan, yàrá mẹ́ta, ní Ìkòròdú. Gíráníìtì tán nílẹ̀, bíríkìlà mi wá ní òun lè fi sìmẹ́ńtì tí àwọn fi ń to búlọ́ọ̀kù da òpó méjì tó kù, pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Ẹ ní kó dúró de òkúta.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé lórí iṣẹ́, ohunkóhun tí sìmẹ́ńtì bá ti wà nínú rẹ̀ ni àwọn kan ń pè ní kọnkéré, tàbí kí wọ́n kàn ní “ẹ pò sìmẹ́ńtì wá.” Sìmẹ́ńtì, yanrìn àti omi ni mọ́tà. Bí òkúta bá ti wọ̀ ọ́, ó ti di kọnkéré nìyẹn. Òkúta yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Sìmẹ́ńtì tí a fi omi pò máa ń sunkì bó ṣe ń gbẹ. Òkúta kì í sunkì. Nínú kọnkéré, òkúta ló gba ààyè jù. Wọ́n fara ti ara wọn bí egungun, mọ́tà wá dí àárín wọn bí ẹran ara. Tí sìmẹ́ńtì bá fẹ́ sunkì, òkúta ò ní gbà fún un. Ẹ wá yọ òkúta kúrò, ẹran ara nìkan ló kù nínú pákó tí wọ́n fi ń da òpó. Yóò sunkì, yóò sán tẹ̀ lé irin, omi á gba ibẹ̀ wọlé, irin á dógùn-ún. Yàtọ̀ sí èyí, mọ́tà tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù, ìyẹn sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́fà, kò lè ru tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù tí kọnkéré kan-méjì-mẹ́rin, ìyẹn sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, tí wọ́n pò dáadáa lè rù. Orí òpó ni bíìmù àti òrùlé máa jókòó lé, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi ohun tó bá wà nílẹ̀ dọ́gbọ́n.

Ìbéèrè: Tí òkúta bá wá lágbára tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò kúkú dà á mọ́ èyí tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù?

Ẹ wo àárín búlọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n tò sórí ara wọn. Àlàfo tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 10 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju orí ìka ọwọ́ kékeré. Gíráníìtì tí wọ́n fi ń da òpó tó mílímítà 20. Bí ẹyọ kan bá há sábẹ́ búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù yẹn á máa mì jẹgẹjẹgẹ, kò sí okùn tàbí rénjì tó máa mú ìlà yẹn tọ́.

Ìdí kejì ni pé a kì í fẹ́ kí mọ́tà le ju búlọ́ọ̀kù lọ. Ilẹ̀ máa ń rì díẹ̀ lábẹ́ ilé, ògiri náà á sì máa wú, á máa sunkì bí oòrùn àti òjò ṣe ń pààrọ̀. Bí ògiri bá máa sán, ojú ìdè ló yẹ kó gbà, níbi tí èèyàn ti lè gbẹ́ ẹ kó sì dí i. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́ta to búlọ́ọ̀kù nítorí pé ó fẹ́ kí ilé rẹ̀ lágbára, ó ti náwó láti jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ là ni. Kan sí mẹ́fà ti tó.

Ohun tó máa ń ba mọ́tà jẹ́ jù ni búlọ́ọ̀kù gbígbẹ. Búlọ́ọ̀kù tó ti gba oòrùn láti àárọ̀ á fa omi inú mọ́tà mu kí sìmẹ́ńtì tó ráyè le. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè fi èékánná họ ọ́, á máa yọ bí ìyẹ̀fun. Kí wọ́n wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó tò ó. Kó kàn tutù ni, kó má rẹ gbingbin.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Kí ni kí n wá rà fún òpó méjì yẹn, báwo ni wọ́n sì ṣe máa pò ó?

Ká ní òpó yín jẹ́ íńṣì 9 sí íńṣì 9, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, bí ti ọ̀pọ̀ ilé onílẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan, tí wọ́n bá pò ó ní kan-méjì-mẹ́rin, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wẹ́kú fún ẹyọ kan. Fún méjì, ẹ ra àpò méjì àti gíráníìtì ìdajì tọ́ọ̀nù, díẹ̀ á ṣẹ́kù. Yanrìn odò tó rí wúruwùru lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tó kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé. Bí ẹ̀rọjíníà bá ti kọ kan, kan-ààbọ̀, mẹ́ta sínú pílánù, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ sí i.

Ṣọ́bìrì kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ṣọ́bìrì yanrìn tútù máa ń ga bí òkè, ti òkúta á sì máa yọ̀ sílẹ̀, kan-méjì-mẹ́rin tí lébìrà ń kà lẹ́nu á wá di nǹkan mìíràn nílẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí kan tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, tó sì jìn ní 39. Lítà 35 ló ń gbà, bákan náà pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì kan. Àpò kan wá gba àpótí yanrìn méjì àti àpótí òkúta mẹ́rin, kí wọ́n fi pákó gé ojú rẹ̀ tẹ́jú ní gbogbo ìgbà.

Kí wọ́n kọ́kọ́ yí sìmẹ́ńtì àti yanrìn pọ̀ ní gbígbẹ títí àwọ̀ wọn á fi di ọ̀kan, lẹ́yìn náà òkúta, lẹ́yìn náà omi. Kẹ́ẹ̀gì olítà 25 kan fún àpò kan, ó parí. Bí òjò bá ti pa yanrìn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti lítà 18, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, nítorí omi ti wà nínú yanrìn yẹn. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń bá yín jà, torí kọnkéré olómi rọrùn láti fi ṣọ́bìrì yí. Ṣùgbọ́n bí omi bá di lítà 35, agbára rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáa, bí ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tẹ́ ẹ fún un, á dúró bí òkèlè. Èyí tó bá ń ṣàn láàárín ìka bí ọbẹ̀ ti bàjẹ́.

Kí wọ́n tó dà á, ẹ wo ìdí pákó: kò gbọdọ̀ sí ìdọ̀tí igi tàbí bébà sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Irin kò sì gbọdọ̀ kan pákó. Bísíkítì ni wọ́n ń so mọ́ irin láti fún un ní àlàfo mílímítà 25. Mọ́tà tó le, kan sí méjì tàbí mẹ́ta, ni wọ́n fi ń ṣe bísíkítì yìí, òun sì nìkan ni mọ́tà tó ní iṣẹ́ nínú òpó. Ẹ má gbà kí wọ́n fi èérún búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀.

Kọnkéré tí wọ́n bá jù láti orí òpó ẹsẹ̀ bàtà 10, òkúta rẹ̀ á kọ́kọ́ balẹ̀, mọ́tà rẹ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn. Kí káfíńtà fi ojú kan sílẹ̀ dé àárín, kí wọ́n da ìsàlẹ̀ ná, kí wọ́n fi irin gún un kiri igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n máa fi òòlù gbá pákó láti ìta, kí wọ́n tó kan pákó òkè. Ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n parí rẹ̀, kí wọ́n sì lo ohun tí wọ́n pò láàárín wákàtí kan. Èyí tó ti ń gan kò ṣe é fi omi jí.

Wọ́n lè tú pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ fi àpò ìrẹsì wé òpó náà, kẹ́ ẹ máa rin ín fún ọjọ́ 7.

Ìbéèrè: Lára àwọn tí wọ́n ti dà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ní ihò yàlàyàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀. Bíríkìlà ní òun á fi mọ́tà rẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Afárá oyin là ń pe ìyẹn. Wọn ò gún un, tàbí pákó jò tí omi sìmẹ́ńtì sá jáde, òkúta wá dá dúró láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ mú ìṣó gígùn, ẹ tì í bọ ibẹ̀. Bí kò bá wọlé ju ìdajì íńṣì lọ tí ẹ kò sì rí irin, kí wọ́n gbẹ́ èyí tó ń mì kúrò, kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fi mọ́tà kan sí mẹ́ta dí i. Bí irin bá hàn, mọ́tà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Kí wọ́n fi igi gbé bíìmù tó bá wà lórí rẹ̀ ró, kí wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ẹ̀yìn irin títí dé ibi tó le, kí wọ́n fi kọnkéré tí òkúta rẹ̀ kéré dà á padà. Bí ìṣó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lódì kejì, ẹ pe ẹ̀rọjíníà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wíwó ló sábà máa ń kàn.

Ẹ tún fi òòlù ha igun òpó yòókù díẹ̀. Kọnkéré gidi á fi ojú òkúta tó fọ́ hàn yín. Bó bá jẹ́ yanrìn nìkan lẹ rí, ọjọ́ ti pẹ́ tí bíríkìlà yín ti ń fi mọ́tà da òpó.

Ìbéèrè: Níbo ló tún kù tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́?

Kòtò ìpìlẹ̀, kọnkéré ni. Búlọ́ọ̀kù tó gun orí rẹ̀, mọ́tà ló so ó, ṣùgbọ́n kọnkéré ni wọ́n ń dà dí ihò inú búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀. Jámánì fúlọ̀ tó bo gbogbo ilẹ̀, kọnkéré. Ìrẹ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ àti ohun tí táìsì máa lẹ̀ mọ́, mọ́tà. Rírẹ́ ògiri, mọ́tà, kò sì yẹ kó nípọn ju mílímítà 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ògiri bá wọ́, kí wọ́n rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Orí fèrèsé ni kẹ́ ẹ ti la ojú sílẹ̀ dáadáa. Kọnkéré ni líńtẹ̀lì tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré, kì í gba òkúta púpọ̀, òun ni wọ́n máa ń fi mọ́tà tó kù nínú páànù dí ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣíwọ́. Ìsán tó dúró gbọ̀ngbọ̀n láàárín orí fèrèsé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibẹ̀ ló ti sábà ń wá.

Ẹ ka nọ́ńbà agbára tó wà lára àpò sìmẹ́ńtì náà pẹ̀lú. Ní 2014, SON, àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, là á sílẹ̀ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ilé, 42.5 sì ni ti búlọ́ọ̀kù, òpó, bíìmù àti dẹ́kìn. Fún òpó méjì yín, 42.5 ni kẹ́ ẹ béèrè.