Ẹ̀rọ tí owó ẹ̀ tètè padà, ṣé òun náà ló lérè? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí péébáàkì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń yín àgbàdo, mo wá rí méjì. Ẹni tó ń tà wọ́n ní owó èyí tó kéré máa padà láàárín ọdún méjì ààbọ̀, pé èyí tó wọ́n máa lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tẹ̀lé ìṣirò yẹn, pé ó kù síbì kan. Ibo ló kù sí?

Ìdáhùn: Ẹni tó ń tà ò purọ́ o, ohun tí ò sọ ló pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní ẹ̀rọ kékeré yẹn jẹ́ 1,000, ó ń mú 400 wọlé lọ́dún, ọdún 3 péré ló sì máa lò kó tó di pàǹtí. Ká ní ńlá jẹ́ 1,600, ó ń mú 500 wọlé, ọdún 8 ló máa lò. Tẹ́ ẹ bá fi 400 pín 1,000, ẹ máa rí 2.5, tẹ́ ẹ bá fi 500 pín 1,600, ẹ máa rí 3.2. Péébáàkì náà nìyẹn, iye ọdún tí owó tẹ́ ẹ ná máa fi padà sápò yín.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ 400 yẹn wò dáadáa, torí ibẹ̀ làwọn tó ń tà ti máa ń bu iyọ̀ sí i. Owó tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ra epo, tẹ́ ẹ ti tún ẹ̀rọ ṣe, tẹ́ ẹ sì ti sanwó ẹni tó ń wà á ni. Owó táwọn ará oko míì ń san láti lò ó wà níbẹ̀, owó lébìrà tẹ́ ò san mọ́ náà wà níbẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn ọmọ ilé ló ń fọwọ́ yín in tẹ́lẹ̀, tẹ́ ò sanwó fún wọn, ẹ ò dá owó kankan sí o, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Ó wá kan èlé. Ká ní 20% lọ́dún ni wọ́n fi ń yá yín lówó, tàbí pé owó yín máa mú 20% wá níbòmíì. 1 tòní máa di 1.2 lẹ́yìn ọdún kan, torí náà 400 tó máa wọlé níparí ọdún kìíní, ẹ fi 1.2 pín in, ó di 333 lówó òní. Tọdún kejì, ẹ fi 1.2 pín in lẹ́ẹ̀mejì, 278. Tọdún kẹta, lẹ́ẹ̀mẹta, 231. Ẹ rò ó pọ̀, 842 ni! Ẹ̀rọ ti kú, owó ò tíì pé 1,000, ìyẹn ni pé owó yẹn ò padà rárá tá a bá ti yọ èlé. Kódà ká ní 10% ni èlé, 995 ló máa jẹ́.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ ńlá: lẹ́yìn ọdún 5, ó ti mú 1,495 wá, ó ku 105, ọdún kẹfà mú 167 wá, owó ti padà nìyẹn. Ọdún méjì tó kù jẹ́ 140 àti 116, nítorí náà tó bá fi máa parí iṣẹ́, èrè tó tó 319 ló máa wà lórí ẹ̀, lówó òní o.

Ohun kan tún wà, 2.5 yẹn ò sí lóko. Ìgbà ìkórè ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, owó ò pín ara ẹ̀ sí oṣù méjìlá, torí náà ìkórè kẹta lowó máa tó pé, nígbà tí ẹ̀rọ kékeré yẹn ti ń mí gúlegúle.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti wá yọ èlé, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìṣirò yẹn náà, tówó bá ti padà, kì í wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ká ní ẹ máa pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ńlá yẹn lọ́dún keje ní 450, 50 péré ló máa kù lọ́dún yẹn, èrè 319 á já wá sí nǹkan bí 193, síbẹ̀ péébáàkì á ṣì máa pariwo ọdún kẹfà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èmi á kọ́kọ́ ro gbogbo owó tó máa wọlé títí ẹ̀rọ á fi kú, lówó òní, màá yọ iye tí mo fẹ́ rà á kúrò, ohun tó bá kù ni màá fi yàn.

Àmọ́ mi ò ní ju péébáàkì sígbó. Tí ẹni tó yá yín lówó bá ní kẹ́ ẹ san tán lọ́dún mẹ́ta, 1,500 ni ẹ̀rọ ńlá máa ti mú wá nígbà yẹn, kò tiẹ̀ tó 1,600, ká má tíì sọ èlé. Ẹ̀rọ tó lérè jù yẹn gan-an ló máa wá kó yín sí gbèsè, àfi tẹ́ ẹ bá ní owó míì nílẹ̀, tàbí kí wọ́n fún yín tó ọdún mẹ́fà láti fi san.