Fugásitì: nígbà tí ìfúnpá 20 kì í ṣe 20

Ẹ jẹ́ ká mú sílíńdà kan tí gáàsì CO2 wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń mú kí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò máa hó. Ìfúnpá inú rẹ̀ jẹ́ 20 báà. (Géèjì kì í ka ìfúnpá afẹ́fẹ́ àyíká mọ́ tirẹ̀, 20 tí mò ń sọ yìí ti kó o pọ̀.) Yàrá náà wà ní 27°C, ìyẹn 300 K. Bí a bá fi 20 yìí ṣírò bí gáàsì náà ṣe máa wọ inú omi tó, èyí tó máa wọlé ní tòótọ́ yóò kéré sí ohun tí ìṣirò wí. Géèjì kò purọ́ o. Àwa la bi í ní ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Géèjì ń sọ bí mólékù ṣe ń lu ara irin sílíńdà tó. Ohun tí àwa fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà láti sá kúrò níbi tí wọ́n wà tó. Nínú gáàsì tí PV = nRT ń ṣàpèjúwe, ọ̀kan náà ni méjèèjì, torí pé mólékù ibẹ̀ kò gba àyè, kò sì sí èyí tó ń fa èkejì. CO2 kò rí bẹ́ẹ̀. Mólékù rẹ̀ ń fa ara wọn díẹ̀díẹ̀, ẹni tí wọ́n sì di lọ́wọ́ mú kì í yá láti sá.

Gilbert Lewis, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, ló fún agbára àtisá yìí lórúkọ, fugásitì, ní 1901. Inú èdè Látìn ló ti mú un, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “sísá”. Ohun tó ṣe rọrùn débi pé ó fẹ́ jọ ọgbọ́n àgbàlàgbà. Nọ́mbà kan wà tí wọ́n ń fi μ kọ, òun ló ń sọ ibi tí èròjà máa gbà: láti ibi tí μ ti ga lọ síbi tó ti rẹlẹ̀. Fún gáàsì tí mólékù rẹ̀ kò fa ara wọn, báyìí ló rí:

```
μ = μ° + RT ln(P/P°)
```

P° jẹ́ 1 báà, μ° sì ni iye μ ní ìfúnpá yẹn. Fọ́múlà yìí dára, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ìṣirò mìíràn, nítorí náà Lewis kò fọwọ́ kan ìrísí rẹ̀. P nìkan ló yọ, ó fi f sípò rẹ̀. f yìí ni fugásitì: iye tí ìfúnpá ì bá jẹ́ kí fọ́múlà náà lè bá gáàsì gidi mu. Báà náà la fi ń wọ̀n ọ́n. Kí ó má bàa di pé oníkálukú ń fi nọ́mbà tó wù ú síbẹ̀, àdéhùn kan dè é mọ́lẹ̀: bí ìfúnpá bá ti ń lọ sí òdo, tí mólékù sì jìnnà sí ara wọn, f gbọ́dọ̀ máa di P.

Ohun tí a fi ń sọ P di f ni φ, tí f = φP. Bí ìfúnpá kò bá ga jù, a lè rí i lọ́nà kúkúrú:

```
ln φ ≈ BP/RT
```

B ni nọ́mbà tó ń sọ bí mólékù méjì ṣe ń bára wọn lò. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń yí padà bí gáàsì bá ti ń gbóná tàbí tó ń tutù. Bí fífa ara wọn bá lágbára jù, B á wà lábẹ́ òdo. Bí títi ara wọn bá borí, á wà lókè òdo. Ti CO2 ní 300 K jẹ́ nǹkan bí −122 cm³ fún mólì kan.

Ó yá, ká ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwọ̀n, torí náà ká kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ti mítà: −122 cm³ di −0.000122 m³, 20 báà sì di 2,000,000 Pa. Ìsọdipúpọ̀ méjèèjì jẹ́ −244 júùlù fún mólì kan. RT jẹ́ 8.314 × 300, ìyẹn 2494. Pín −244 sí 2494, ó kù −0.098. Ìyẹn ni ln φ, φ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 0.907. Fi í sọ 20 di púpọ̀:

```
f = 0.907 × 20 = 18.1
```

Ìfúnpá jẹ́ 20 báà, ṣùgbọ́n bíi 18.1 ni CO2 ń hùwà nígbà tó bá fẹ́ wọ inú omi tàbí tó fẹ́ bá nǹkan mìíràn dàpọ̀. −244 yẹn náà ní ìtumọ̀: òun ni iye tí μ gáàsì gidi yìí fi rẹlẹ̀ sí ti èyí tí mólékù rẹ̀ kò fa ara wọn.

Fi nitrójìnì sínú irú sílíńdà kan náà. B tirẹ̀ kò ju nǹkan bí −4 lọ, f á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20 gẹ́lẹ́. Ti háídrójìnì tilẹ̀ wà lókè òdo, nǹkan bí 14, f rẹ̀ sì jẹ́ 20.2. Ẹni tó bá rò pé fugásitì gbọ́dọ̀ kéré sí ìfúnpá nígbà gbogbo, háídrójìnì ti dá a lóhùn.

Ẹ má fi Z, ìyẹn PV/nRT, rọ́pò φ. Ní ìfúnpá kékeré wọ́n jọra débi pé àṣìṣe náà kì í hàn: Z tiwa níbí jẹ́ 0.902. Ṣùgbọ́n Z ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìfúnpá kan ṣoṣo, nígbà tí φ ń kó gbogbo ọ̀nà tí a gbà láti òdo débẹ̀ jọ.

Fọ́múlà kúkúrú yìí náà ní ibi tó gbọ́dọ̀ dúró. Sọ fún un pé 100 báà ni, á dá ọ lóhùn láìjanpata pé f jẹ́ 61. Bẹ́ẹ̀, ní 300 K, CO2 ti di olómi láti nǹkan bí 67 báà. Kò sí gáàsì mọ́ tí à ń wí. Bí BP/RT bá ti kọjá 0.1 dáadáa, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀ òdo, èmi kì í gbà á gbọ́ mọ́. Fọ́múlà tí Peng àti Robinson gbé jáde ní 1976 ni kí a lọ mú.

Lewis kan náà ló mú ọgbọ́n yìí wọ inú omi ní 1907, ó sì pè é ní àkitífitì, a. Kì í ṣe iye èròjà tí a dà sínú omi la ń fi sínú fọ́múlà mọ́, bí kò ṣe iye tó ń ṣiṣẹ́. γ ló wá ń ṣe iṣẹ́ φ. Po 0.1 mólì HCl mọ́ kílò omi kan: γ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.80, nítorí náà 0.08 ló ń ṣiṣẹ́, pH á sì jẹ́ 1.1 dípò 1.0. Ẹni tó bá rí 1.1 lójú mítà tó sì tìtorí rẹ̀ ń tún mítà ṣe, mítà tó dára ló ń bà jẹ́.

Nínú oyin náà nìyẹn. Omi tó nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, bí a bá sì ka mólékù, omi ni nǹkan bí 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ àkitífitì omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.6 lọ, torí pé ṣúgà ti di omi náà mú, kòkòrò àìfojúrí kò sì rí i mu. Bu omi lé oyin yẹn, àkitífitì á gòkè, kò sì ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó tí á sì kan.