Ohun tó yẹ kí ẹ kọ ránṣẹ́ bí íńtáfíù kejì bá tú àṣírí ohun tí ẹ ò tíì mọ̀

Ní íńtáfíù àkọ́kọ́, àwọn ará ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń jókòó síwájú yín. Wọ́n á yẹ ìwé-ẹ̀rí wò, wọ́n á bi yín níbi tí ẹ ti ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n á wo bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Íńtáfíù kejì kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ máa bá ṣiṣẹ́ gan-an ló wà níbẹ̀, ohun tó sì ń ṣe lójoojúmọ́ ló máa bi yín. Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Bí ó bá ti tú, ohun tí ọ̀gá yẹn ń rò kò ju ẹyọ kan lọ: "Bí mo bá gba ọmọ yìí, ọ̀sẹ̀ mélòó ni màá fi máa bá a ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ tèmi?" Ìdúpẹ́ tí ẹ bá kọ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ohun tó ń rò yẹn ló yẹ kó dáhùn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ wíwá òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìlọrin kì í dáhùn ún. Àwọn kan á kọ "ẹ ṣeun fún àkókò yín, mò ń retí èsì rere", ọ̀gá á kà á, á ní ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni àkọ́bí, ẹ ṣàánú mi. Èyí tiẹ̀ burú jù, torí ó máa ń rán ọ̀gá létí pé ohun kan wà tó ń béèrè fún àánú.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọbìnrin kan láti Òmù-Àrán, tó kàwé ìṣirò owó ní Pólì Ọ̀fà, ń wá iṣẹ́ akáǹtì ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn kẹ́míìsì láti Ìlọrin títí lọ sí ìhà gúúsù Kwara. Íńtáfíù àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní èkejì, Alhaja tó jẹ́ ọ̀gá akáǹtì yí kọ̀ǹpútà sí i. Ṣíìtì Excel méjì ló wà lójú rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Tita: kóòdù ọjà àti iye páálí tí wọ́n tà. Èkejì ń jẹ́ Iye: kóòdù kan náà àti owó páálí kan. Alhaja ní, "Gbé owó ọjà kọ̀ọ̀kan wá sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a tà." Ọmọ yìí mọ SUM, ó mọ IF, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé owó ilé-iṣẹ́ wé ìwé báǹkì dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò tíì ṣe ju bíi mẹ́wàá lọ tí Alhaja fi ní kó dúró. "Ìlà tí a máa ń ní lọ́sẹ̀ kan lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. O ò mọ VLOOKUP ni?" Ó ní, "Rárá, mà." Alhaja ní, "Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń fi PivotTable kó títà jọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà ńkọ́?" Ó tún ní rárá.

Kó tó mú kálámù, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo bí ohun tó kù náà ṣe tóbi tó. Èyí jẹ́ ohun tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì lè fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn. Bí ó bá jẹ́ ìwé-ẹ̀rí ICAN ni wọ́n béèrè, tàbí ọdún márùn-ún lórí ipò ọ̀gá, ìmeèlì kankan ò lè dí i. Ẹ kàn dúpẹ́, ẹ rán wọn létí ohun kan tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tó kan iṣẹ́ náà, kí ẹ fi mọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á ti gba ICAN kí ọdún tó parí ti fi hàn pé òun ò mọ bí ìdánwò náà ṣe rí.

Ti ọmọ Òmù-Àrán yìí ṣeé dí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣe àkójọ ogójì ọjà tirẹ̀ sórí ṣíìtì méjì, pẹ̀lú owó tó fi orí ara rẹ̀ rò. Kò lo dátà ilé-iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ rántí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ akáǹtì tó wá gbé owó ọjà wọn jáde síta ti kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó kọ fọ́múlà náà báyìí:

```
=VLOOKUP(A2,Iye!A:B,2,FALSE)
```

Ìyẹn ni pé: mú kóòdù tó wà ní A2, wá a nínú òpó àkọ́kọ́ lórí ṣíìtì Iye, kí o sì gbé ohun tó wà ní òpó kejì wá. FALSE tó wà lẹ́yìn ń sọ pé kóòdù méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá. Nígbà àkọ́kọ́, kò fi FALSE yẹn sí i. Owó jáde, ojú rẹ̀ mọ́, Excel ò kìlọ̀ kankan. Àfi ìgbà tó fojú ṣírò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló rí i pé páràsẹ́támọ̀ ń gba owó oògùn ikọ́. Kóòdù inú Iye kò tò tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìsí FALSE, Excel á gbà pé wọ́n tò, á sì mú èyí tó rò pé ó sún mọ́ ọn. Nígbà tó wá fi FALSE sí i, àwọn ìlà kan gbé `#N/A` wá, ìyẹn ni pé Excel ò rí kóòdù náà. Kóòdù wọn wà níbẹ̀ lójú, àmọ́ àlàfo kan fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi TRIM gé àlàfo náà kúrò, ó sì ní láti ṣe é lórí ṣíìtì méjèèjì, torí èyí tí a bá gé lápá kan kò kan ìkejì.

Àṣìṣe méjì yìí ló níye lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ alẹ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni lè kọ pé òun ti wo fídíò. Ẹni tó bá mọ ìdí tí owó fi jáde ní àjáde-òdì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, Alhaja á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ohun tó ti dà á láàmú rí nìyẹn. (Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́ XLOOKUP dípò VLOOKUP torí ó jẹ́ tuntun. Ó dára, àmọ́ kò sí nínú Excel 2016 tàbí 2019, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sì ń lo èyí tó ti pẹ́. Ohun tí Alhaja dárúkọ ni kí ẹ kọ́ ná.)

Lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó dáhùn ìmeèlì tí wọ́n fi pè é sí íńtáfíù, kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè wà lójú kan. Kò mọ àdírẹ́sì Alhaja, nítorí náà ó bẹ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun fi jíṣẹ́. Ẹ má lọ wá nọ́ńbà ọ̀gá kiri láti kọ ọ́ sí WhatsApp lálẹ́, àfi bó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n ti ń bá yín sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́, bí ọ́fíìsì ṣe máa ń fẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ṣeun fún ìjókòó àná. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé pé títà ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ jẹ́ kí n rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Nígbà tí ẹ ní kí n gbé owó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mi ò mọ VLOOKUP. Lálẹ́ àná, mo fi ogójì ọjà tí mo fúnra mi kọ gbìyànjú rẹ̀. Láìsí FALSE, owó àwọn ọjà kan jáde lódì láìsí ìkìlọ̀. Nígbà tí mo fi sí i, àwọn kóòdù tó ní àlàfo lẹ́yìn gbé #N/A wá, mo sì fi TRIM tún wọn ṣe. Fáìlì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mi ò tíì mọ PivotTable lò. Òun ni mò ń kọ́ lọ́wọ́, màá sì lè fi kó títà jọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan tó bá fi máa di Mọ́ńdè. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún ṣe ìdánwò náà, mo ṣe tán nígbàkígbà."

Ẹ wo gbólóhùn "mi ò mọ VLOOKUP". Kò sí àwáwí lẹ́yìn rẹ̀, kò ní wọn ò kọ́ àwọn ní Pólì, kò sì tọrọ àforíjì. Ọ̀wọ̀ ti wà nínú "ẹ kú iṣẹ́, mà". Ìkúnlẹ̀ mìíràn kò pọndandan. Ìpínrọ̀ kẹta ló tún mú kí ìkejì ṣeé gbà gbọ́, torí ẹni tó sọ ibi tí òun ò tíì dé ni a máa ń gbà gbọ́ nípa ibi tó ní òun dé. Mọ́ńdè tó dá, ó yẹ kó jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ ká, nítorí wọ́n lè pè é ní Túsìdeè.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Ohun tí ọ̀gá rí nìkan ni kí ẹ dárúkọ. Bí ẹ bá dáhùn ìbéèrè kan tí kò dùn mọ́ yín nínú, àmọ́ tí ọ̀gá ò padà sí i, tí kò tọ́ yín sọ́nà, tó kàn bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ ka nǹkan kan sí i. Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣí i fún un.

Bí ẹlòmíràn tó ti mọ VLOOKUP tẹ́lẹ̀ bá wà níbẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú onítọ̀hún. Ibi tí irú ìmeèlì yìí ti wúlò ni ìgbà tí ẹni méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ẹ bá gbọ́ ìbéèrè kan padà lórí fáìlì náà, wọ́n ti kà á nìyẹn. Bí wọ́n bá sì pè yín, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá ṣí fáìlì yín gan-an, kó pa òpó tí fọ́múlà wà rẹ́, kó ní kí ẹ tún un kọ níwájú òun láti mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ yín ló bá yín ṣe é. Nítorí náà, kí Mọ́ńdè tó dé, ẹ máa kọ ọ́ lórí ṣíìtì òfìfo láìwo ibì kankan, kí ẹ sì ti pa íńtánẹ́ẹ̀tì yín.