Róótétọ̀ kọ́ọ̀fù: ẹran mẹ́rin tó di èjìká mú

Róótétọ̀ kọ́ọ̀fù ni àwọn oníṣègùn ń pe ẹran mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ lára eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká, tí iṣan wọn wá so mọ́ orí eegun apá. Awo tí orí eegun náà jókòó sí kò jìn rárá, nítorí náà ẹran mẹ́rin yìí ló ń fà á mọ́ àárín awo nígbàkígbà tí apá bá mira.

Tí a bá ti ìta wọlé, lẹ́yìn awọ àti ọ̀rá ni a ó kan dẹ́lítọ́ídì, ẹran ńlá tó mú èjìká yí rìbìtì. Àpò omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí nǹkan ha ara wọn. Lẹ́yìn náà ni iṣan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó hun wọ ara wọn, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ awọ tó bo oríkèé.

Súpùràsípínétọ́ọ̀sì wà lókè, ó ń gba abẹ́ eegun tó ṣe òrùlé èjìká kọjá. Òun àti dẹ́lítọ́ídì ló ń gbé apá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ínfíràsípínétọ́ọ̀sì àti tẹ́rẹ́sì máínọ̀ wà lẹ́yìn. Wọ́n ń yí apá síta. Sọ́bùsìkápùlárísì ló tóbi jù, ó fara pamọ́ sáàárín eegun pẹlẹbẹ àti egungun ìhà, ó sì ń yí apá sínú. Nígbà tí ìyá kan ní Kábà bá ń mú ọwọ́ lọ sẹ́yìn láti tún ọ̀já ọmọ dì, ẹran yìí ló ń ṣiṣẹ́.

Iṣan òkè ló máa ń já jù. Ká wo àgbẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún kan ní Ìjùmú, tó ti ń kọ ebè láti ìgbà èwe. Ẹ̀gbẹ́ apá ló ń dùn ún, pàápàá tó bá fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn lóru. Kò lè gbé apá sókè fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá bá a gbé e, ó ń lọ dé òkè. Kókó ibẹ̀ nìyẹn: èjìká tó gan kì í gbà kí ẹlòmíràn gbé e tán. Bí a bá gbé apá náà dé ọ̀gangan èjìká, tí a ní kó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì já wálẹ̀ lójijì, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti já. Ìrora nìkan náà lè fa irú rẹ̀, nítorí náà sìkánnì ni yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya eegun kì í fi iṣan hàn. Ṣùgbọ́n bí iṣan ńlá bá ti já tipẹ́, orí eegun apá lè gòkè sún mọ́ òrùlé rẹ̀, ìyẹn sì máa ń hàn nínú àwòrán.