Páànù òrùlé l'Abẹ́òkúta: èyí tó gba agbára jù, àti èyí tó ń dá a padà

Ẹni tó bá gun Òkè Olúmọ tó sì bojú wolẹ̀, orí páànù lojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé. Púpọ̀ nínú wọn ti pọ́n bí ilẹ̀ nítorí pé wọ́n ti dógùn-ún. Àwọn tó ń dán yanran láàárín wọn ni ti ilé tuntun, tí wọ́n fi páànù alumíníọ́mù gígùn bò. Owó ọjà ni onílé sábà máa ń wò nígbà tó bá fẹ́ mú ọ̀kan. Ìṣirò mìíràn wà lẹ́yìn owó yẹn: agbára tí wọ́n ti ná sórí páànù kó tó dé ọwọ́ káfíńtà, àti iye tó ń padà wá nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i kúrò lórí ilé.

Yúníìtì inú mítà iná ló rọrùn jù láti fi ka agbára yìí, nítorí gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń tètè tán. Kì í ṣe iná mànàmáná nìkan ni wọ́n ń lò o. Èédú, gáàsì àti epo náà wà níbẹ̀. A kàn sọ gbogbo rẹ̀ di yúníìtì kan náà ni. Tí a bá kà á bẹ́ẹ̀, kílò alumíníọ́mù tuntun kan ń gba nǹkan bíi 55. Kílò páànù irin tí wọ́n fi síńkì bò ń gba bíi 9. Kílò ike líle tí wọ́n fi ń ṣe páànù aláwọ̀ dígí, irú èyí tí wọ́n máa ń fi bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ń gba bíi 17.

Kí ló mú ti alumíníọ́mù pọ̀ tó báyìí? Irin àti alumíníọ́mù, inú òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, àwọn méjèèjì ló sì lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn. Ọ̀rọ̀ irin kò le púpọ̀: èédú tó gbóná nínú iléru lè fa ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀. Alumíníọ́mù di tirẹ̀ mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, èédú nìkan kò lè já a gbà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi sódà líle fọ òkúta rẹ̀ títí yóò fi di ìyẹ̀fun funfun. Wọ́n á wá tú ìyẹ̀fun náà sínú iyọ̀ yíyọ́ tó gbóná tó bíi 960 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, wọ́n á sì ran iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Ọdún 1886 ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yìí, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá nìkan tó yúníìtì 14 lórí kílò kan. Nígbà tí a bá wá ka epo tàbí èédú tí wọ́n sun kí iná yẹn tó jáde, àti agbára tí wọ́n fi fọ òkúta, la fi ń dé 55.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ìnáwó yẹn wà. Alumíníọ́mù tó ti di alumíníọ́mù kò ní ọ́síjìn tí a máa já kúrò lára rẹ̀ mọ́. Kó yọ́ ni iṣẹ́ tó kù, 660 péré ló sì ti ń yọ́. Ìdí nìyí tí àtúnyọ́ rẹ̀ fi ń gba bíi 3 dípò 55. Irin náà ń gba bíi 3 nígbà àtúnyọ́, ṣùgbọ́n láti orí 9 ló ti ń bọ̀, nítorí náà èrè tirẹ̀ kéré.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe é. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní gígùn, a sì fẹ́ kó wà fún 40 ọdún. Alumíníọ́mù tó nípọn tó 0.55 mìlímítà máa wọn bíi kílò 150, ìyẹn yúníìtì 8,250. Páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 0.2 mìlímítà, máa wọn bíi kílò 160, ìyẹn 1,440. Ká ní irin yìí máa dógùn-ún débi pé a ó lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún wọ̀nyẹn, gbogbo rẹ̀ di 4,320. Títí dé ibi yìí, irin ló ṣì borí, ó sì borí dáadáa. Ẹni tó bá ń sọ pé alumíníọ́mù ló dára jù nítorí pé kì í dógùn-ún kò tíì parí ìṣirò.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí òrùlé ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ká ní kílò 130 nínú 150 padà dé iléru. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà wá lọ́wọ́ yúníìtì 52, ìyẹn 55 tí a yọ 3 kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó kù sí ilé yìí lọ́rùn kò ju nǹkan bí 1,490 lọ. Ní ti irin, èyí tó ti dógùn-ún ti padà di iyẹ̀pẹ̀ tó ti wá, òjò sì ti fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Tí ìdajì, ìyẹn kílò 80, bá padà nígbà kọ̀ọ̀kan, tí kílò kan sì ń dá 6 padà, a rí 480 gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ku 2,880. Alumíníọ́mù ti wá borí báyìí, ṣùgbọ́n ó nílò kí ó kéré tán kílò 104 padà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, irin ló ni ín.

Ti ike kò gba àlàyé púpọ̀. Tó bá nípọn tó 1.5 mìlímítà, ó wọn kílò 210, ó sì gba 3,570. Oòrùn ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó ń fọ́ bí akèrègbè, tí a bá sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó ti ju 10,000 lọ. Bí ìdọ̀tí rẹ̀ bá pò mọ́ ike ìgò omi, ó ń ba gbogbo ìyọ́ jẹ́ ni. Orí ààtàn ló sábà máa ń parí sí.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣì í. Ẹni tó ta páànù lè sọ pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ àtúnyọ́, kó sì yọ ìyẹn kúrò nínú 55. Tí a bá tún ka èrè ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, a ti ka kílò kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan la gbọ́dọ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù tó kúrò lórí òrùlé wa kì í sábà padà di páànù. Àwọn tó ń da ìkòkò nínú iyanrìn ló máa ń rà á lọ́wọ́ oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, wọ́n á sì yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì àti agolo. Ohun tó ti pò pọ̀ báyẹn kò ṣeé tẹ́ fẹ́lẹ́ mọ́. Yúníìtì 52 jẹ́ èrè gidi tí ìkòkò yẹn bá rọ́pò èyí tí wọn ì bá fi alumíníọ́mù tuntun ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó yẹ ká dín in kù.

Ohun tó ń ba èrè yìí jẹ́ jù ni ìṣó irin tó kù lára páànù. Irin ń tú sínú alumíníọ́mù yíyọ́, kò sì sí ọ̀nà tó rọrùn láti yọ ọ́. Nígbà tó bá ń dì, ó máa ń di abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ nínú ara ìkòkò, ibi abẹ́rẹ́ yẹn ni ìkòkò sì ti ń sán. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí a yọ kúrò nínú sípíkà tó ti bàjẹ́ tó láti fi mọ̀ ọ́n: kì í fa alumíníọ́mù, ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ páànù, orí ìṣó ló wà. Káfíńtà tó bá ń ṣí òrùlé lè fi pínsà yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ká páànù, kó sì dà wọ́n sínú agolo ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ń ra irin.