Ìhùwàsí ènìyàn nígbà ìjàm̀bá iná

Ìhùwàsí ènìyàn nígbà ìjàm̀bá iná jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń wádìí ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe láti ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ iná bá ti yọjú nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀, títí di ìgbà tí wọ́n bá bọ́ síta tàbí tí ọ̀nà bá dí mọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, àwọn ẹnjiníà àti àwọn panapana ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ìwádìí wọn ń fi hàn léraléra ni pé eré àsápajúdé kọ́ ni ó sábà máa ń kó ènìyàn sínú ewu, bí kò ṣe pípẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Títẹ̀lé èrò àti pípadà lọ mú ẹrù, tí a sábà máa ń kà sí àṣìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò jìnnà sí ìdúró àkọ́kọ́ yìí.

Àkókò ìdúró

Nígbà tí àwọn ẹnjiníà bá ń yẹ ilé kan wò, àkókò méjì ni wọ́n máa ń fi wé ara wọn. Èkíní ni àkókò tí iná fúnni, ìyẹn iye ìṣẹ́jú tí yóò kọjá kí èéfín àti ooru tó sọ ọ̀nà di èyí tí kò ṣe é gbà mọ́. Èkejì ni àkókò tí àwọn tó wà nínú ilé nílò láti jáde. Ìpín mẹ́ta ni èyí ní: kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó gbéra lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀, àti ìrìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn ní ìwọ̀n mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn ní 30 mítà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹni yìí kan náà lè ti lo ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìjókòó lẹ́yìn tí agogo ìkìlọ̀ ti dún. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, nígbà náà, ìpín kejì, tí a ó pè ní àkókò ìdúró níbí, ni ó gùn jù, òun náà ni ó sì ṣòro jù láti fojú díwọ̀n.

Kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí ìwà òmùgọ̀ ni ó ń fa ìdúró yìí. Àmì àkọ́kọ́ iná kì í sábà dá ènìyàn lójú: òórùn díẹ̀, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, agogo tó ti dún lásán nígbà mélòó kan rí. Ohun tí ọkàn kọ́kọ́ ń wá ni àlàyé tó bá ọjọ́ lásán mu, bíi pé ẹnìkan ló jó oúnjẹ tàbí pé wọ́n ń dán agogo wò. Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn yóò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí kí ó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tó bá sì wá dá a lójú, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ tó fẹ́ parí, aṣọ wà láti wọ̀, ọmọ wà láti jí. Lára àwọn tó la ìkọlù ilé gogoro World Trade Center já ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn kan sọ pé àwọn kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ ẹbí láago, wọ́n sì kó ẹrù wọn jọ kí wọ́n tó kọrí sí àtẹ̀gùn.

Àdánwò tí Bibb Latané àti John Darley, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé jáde ní ọdún 1968 ni a máa ń tọ́ka sí jù lórí bí wíwà pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ṣe ń mú kí ìdúró gùn. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú yàrá kan láti dáhùn àwọn ìbéèrè lórí ìwé, wọ́n sì ń tú èéfín sínú yàrá náà láti ihò kékeré kan lára ògiri. Nínú àwọn 24 tó dá jókòó, 18 jáde lọ sọ fún ẹnìkan kí ìṣẹ́jú mẹ́fà tó pé. Nígbà tí wọ́n fi ènìyàn méjì tí wọ́n ti bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe kọbi ara sí èéfín náà tì akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá ni ó lọ sọ. Níbi tí àwọn mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan ti jọ jókòó, mẹ́ta nínú ọ̀wọ́ mẹ́jọ ni ẹnikẹ́ni ti jáde lọ sọ. Àwọn tó dákẹ́ rí èéfín náà dáadáa, wọ́n tilẹ̀ ń fọwọ́ lé e kúrò lójú kí wọ́n lè ríwèé. Nígbà tí a bi wọ́n, àwọn kan ní àwọn rò pé ooru omi gbígbóná tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ló fà á. Olúkúlùkù ń wo ojú ẹnìkejì, ó rí i pé ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé kò séwu. Yàrá àdánwò kì í ṣe ilé tó ń jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí lórí iná gidi tó tẹ̀lé e kò ta kò ó.

Iná ilé fàájì The Station

Iná tó jó ilé fàájì The Station wúlò fún ẹ̀kọ́ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ nítorí pé ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n kan wà nínú ilé náà tí kámẹ́rà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èyí tó mú kí a lè ka ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2003, ní ìlú West Warwick ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, wọ́n tan iná eré tó ń ta pàràpàrà lórí pèpéle bí ẹgbẹ́ olórin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Iná náà ran fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn pèpéle. Ó lé ní 400 ènìyàn tó wà nínú ilé pákó onílẹ̀ kan ṣoṣo náà, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi láti òrùlé níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ lára èrò ń wo ọwọ́ iná náà bí ẹni pé ara eré ni. Ó tó ìwọ̀n 30 ìṣẹ́jú-àáyá kí àwọn olórin tó dáwọ́ dúró, agogo ìkìlọ̀ sì dún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 41. Láti ìgbà yẹn ni èrò ti ń rìn lọ ní tòótọ́, láìsí ariwo púpọ̀ ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tí iná mú, àwọn ènìyàn ti ṣubú lu ara wọn ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ọ̀nà sì dí. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó kú. Bí a bá fi àwọn òǹkà wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ìwọ̀nba ìdúró tí kò tó ìṣẹ́jú kan, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára nínú iná tó ń jó díẹ̀díẹ̀, kó nǹkan bí ìdámẹ́ta gbogbo àkókò tó wà kí ọ̀nà tó dí. Fóòmù irú èyí ń jó kánkán, èéfín rẹ̀ sì nípọn, ó sì ní májèlé.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ilé náà ní. Síbẹ̀, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún òṣùwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí a mọ̀ sí NIST, tó gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn náà gbìyànjú láti gba ẹnu ọ̀nà iwájú tí wọ́n bá wọlé. Ọ̀nà tóóró kan ni ó lọ sí ẹnu ọ̀nà yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yè ni wọ́n gba ojú fèrèsé jáde.

Títẹ̀lé èrò

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà iwájú yẹn kì í ṣe pé ènìyàn kàn ń tẹ̀lé ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ láìronú. Jonathan Sime, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàyẹ̀wò ẹ̀rí àwọn tó yè nínú iná ilé ìgbafẹ́ Summerland ní erékùṣù Isle of Man, tó pa 50 ènìyàn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1973. Ó rí i pé ènìyàn máa ń rìn lọ sí ibi tí ó mọ̀ àti sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀. Àwọn àlejò sábà kọrí sí ọ̀nà tí wọ́n bá wọlé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n mọ ilé náà, ní ìtẹ̀sí láti lo ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó wà nítòsí. Àwọn òbí tí ọmọ wọn kò sí lọ́dọ̀ wọn sì ń la àárín èrò kọjá lọ sí òdìkejì láti wá wọn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ẹbí ni a gbọ́dọ̀ kà nígbà tí a bá ń ṣírò bí ilé yóò ṣe ṣófo, ẹgbẹ́ náà kì í sì í yára ju ẹni tó lọ́ra jù nínú wọn lọ. Àpèjúwe yìí, lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, ṣe àlàyé ju ọ̀rọ̀ ìpayà tí ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti lò lọ.

Pípadà fún ẹrù

Nínú ìwádìí tí olùwádìí Peter Wood ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ohun tí àwọn ènìyàn ṣe nígbà tí iná mú ilé, tó jáde ní ọdún 1972, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tó ti jáde tí wọ́n tún padà wọlé. Kì í ṣe ẹrù nìkan ni wọ́n padà fún: àwọn kan fẹ́ lọ pa iná náà, àwọn kan fẹ́ lọ wò ó, àwọn mìíràn ń wá ẹbí tàbí ẹran ọ̀sìn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń padà ń fi bí ọ̀nà ṣe rí nígbà tó jáde ṣe òdiwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni èéfín kò dúró dè é.

Nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹrù ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn, ó sì lè ya rọ́bà afẹ́fẹ́ tí àwọn èrò ń gbà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Fídíò inú ọkọ̀ òfurufú Emirates tó jábọ́ ní Dubai ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016 fi àwọn èrò hàn tí wọ́n ń fa àpò wọn jáde láti òkè orí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Japan Airlines gbiná ní pápákọ̀ Haneda ní Tokyo, gbogbo àwọn 379 tó wà nínú rẹ̀ ni ó jáde láàyè. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ń pariwo pé kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ sì gbọ́ràn.

Irú ìkìlọ̀ tó ń dín ìdúró kù

Sime àti Guylène Proulx, olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dán irú ìkìlọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Monument ní ìlú Newcastle, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Nígbà tí agogo nìkan ń dún, ọ̀pọ̀ èrò kò kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ wọn. Nígbà tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà, ibùdókọ̀ náà tètè ṣófo. Agogo sọ pé nǹkan kan wà. Ohùn ènìyàn dáhùn ìbéèrè tí àwọn èrò ìbá fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú wá ìdáhùn sí fúnra wọn.